Aago 3:50, ọmọ mi ń kọ 4:50: aago páálí àti ìwé iṣẹ́ wo ló lè tún un ṣe?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún méje ni mo ń kọ́ ní aago kíkà. A jọ gé aago kan láti ara páálí, a kọ nọ́ńbà sí i lára, a sì fi ọwọ́ méjì sí i. Ó mọ aago mẹ́ta, ó mọ aago mẹ́ta ààbọ̀, kì í ṣì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ gígùn bá ti kọjá ìsàlẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ lápá òsì, ọ̀rọ̀ á dàrú. Mo ya 3:50 sínú ìwé iṣẹ́, ó kọ 4:50. Mo ya 7:55, ó kọ 8:55. Bí mo bá ní kó tún un wò, á ní, “Ṣebí 4 ni ọwọ́ kúkurú ń nà sí?” Bí mo bá sì wò ó, ọmọ ò parọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé 4 ló ń nà sí lóòótọ́.

Lára aago wa, ọwọ́ kúkurú kì í sún bí a bá ń yí ọwọ́ gígùn. Ibi tí a bá fi í sí ló máa wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Bí ọwọ́ gígùn bá ń yí tí kúkurú ò sún, bátìrì kọ́ nìyẹn o, nítorí bátìrì tó kú kò ní yí ìkankan nínú méjèèjì. Ọwọ́ kúkurú ti tú lára ibi tí wọ́n fi há a ni. Ẹ ṣí gíláàsì rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi há. Bí kò bá há, eyín tó ń yí i nínú ẹ̀rọ ló ti jẹ.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun, sà, páálí ni aago náà. Èmi àti ọmọ la fi sísọ́ọ̀sì gé e, kò ní ẹ̀rọ nínú.

Bàbá Ìbejì

Ẹ má dà á láàmú, màmá. Ìṣẹ́jú ló máa ń le fún wọn. Ẹ kọ́ ọ kó máa ka márùn-ún márùn-ún yí aago po: 5, 10, 15, 20, títí dé 60. Àwọn méjì tèmi, bí wọ́n ṣe mọ ìyẹn ni ó tán. Ní ti ọwọ́ kúkurú, ẹ ṣáà sọ fún un pé bí ó bá wà láàrin nọ́ńbà méjì, kó mú èyí tó sún mọ́ jù.

Tíṣà Àgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Ìbejì. Kíka márùn-ún márùn-ún dára, kò sí bí ọmọ ṣe máa ka ìṣẹ́jú láìmọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ yìí kọ. 50 tó kọ tọ̀nà, 55 tó kọ náà tọ̀nà. Ìṣẹ́jú kọ́ ni wàhálà rẹ̀, wákàtí ló ń ṣì. Èyí tí ẹ sì ní kó ṣe yẹn, pé kó mú nọ́ńbà tó sún mọ́ jù, òun gan-an ló ń ṣe tó fi ń kọ 4. Lọ́wọ́ aago mẹ́ta ààbọ̀ síwájú, nọ́ńbà tó sún mọ́ jù kì í ṣe wákàtí tí a wà mọ́.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ó dùn mọ́ mi pé 3:50 lẹ yà fún un, nítorí òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fún ọmọ tí mi ò mọ ibi tí ó ti ń ṣì. Àṣìṣe tó bá kọ ló máa sọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ tó bá kọ 4:50 mọ ìṣẹ́jú, ó sì mọ ọwọ́ tó jẹ́ ti wákàtí, àmọ́ ó gbà pé nọ́ńbà tí ọwọ́ kúkurú bá ń lọ bá ni wákàtí. Ọmọ tó bá kọ 10:20 ti pààrọ̀ ọwọ́ méjèèjì: ó rí ọwọ́ gígùn lórí 10, ó pè é ní aago mẹ́wàá, ó wá ka ti kúkurú tó wà nítòsí 4 sí ogún ìṣẹ́jú. Èyí tó bá kọ 3:10, nọ́ńbà tí ọwọ́ gígùn wà lórí rẹ̀ ló dà kọ bí ó ṣe rí i, òun ni kíka márùn-ún márùn-ún tí Bàbá Ìbejì ń wí máa wúlò fún. Àìsàn mẹ́ta ni, oògùn wọn ò sì jọra.

Oògùn ti yín ni kí ọmọ yé wo nọ́ńbà bí ibi tí wákàtí wà. Àyè tó wà láàrin nọ́ńbà méjì ni wákàtí. Èmi a máa pè é ní ilé. Ilé 3 bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà 3, ó sì lọ títí dé ẹnu ìlà 4. Bí ọwọ́ kúkurú bá wà nínú ilé 3, ì báà jẹ́ ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, aago mẹ́ta náà la ṣì wà. Ìgbà tó bá tẹ ìlà 4 gan-an ló tó di aago mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi àwọ̀ kun àwọn ilé náà fúnra rẹ̀, ó máa là á lójú.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ilé yẹn. Ṣé ara aago tí a ti gé náà ni kí n kùn ún sí, àbí kí a ṣe òmíràn? Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ojú ni mo fi wọn àwọn nọ́ńbà sí, 7 àti 8 sún mọ́ra jù.

Tíṣà Àgbà

Ẹ ṣe òmíràn. Bí àlàfo àárín àwọn nọ́ńbà ò bá dọ́gba, àwọn ilé náà ò ní dọ́gba, ọmọ á sì máa rò pé wákàtí kan gùn ju òmíràn lọ.

Ẹ má lo ojú. Ẹ gé bébà tinrin ní róbótó, kó tó sẹ̀ńtímítà 24 láti etí kan dé èkejì. Ẹ ká a sí méjì kó di ìlàjì. Ẹ wá ká ìlàjì yẹn sí mẹ́ta ọgbọọgba, bí ìgbà tí ẹ bá ń ká lẹ́tà tó máa wọ àpòòwé, ṣùgbọ́n kí gbogbo ìká náà bẹ̀rẹ̀ láti àárín etí rẹ̀ tó gún. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ká sí méjì. Bí ẹ bá tú u, ìlà 12 máa wà lára rẹ̀, gbogbo wọn á sì pàdé láàrin. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí páálí tí ẹ gé sí ìwọ̀n kan náà, ẹ fi rúlà àti pẹ́ńsù tẹ̀lé àwọn ìlà náà. Ìgbà tí ẹ bá ń kọ nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ fi 12 sókè, 6 sísàlẹ̀, 3 sápá ọ̀tún, 9 sápá òsì, kí ọmọ tó wá fi méjì méjì dí àárín wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbójú fò ni pé ilé ò gbọdọ̀ gba gbogbo ojú aago. Ẹ ya róbótó kékeré mìíràn sí àárín, kí ó jẹ́ sẹ̀ńtímítà 14 láti etí dé etí. Inú róbótó kékeré yìí nìkan ni kí ọmọ kùn, àwọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, méjì péré ti tó, nítorí ilé 12 pín sí méjì dọ́gba, àwọ̀ kan náà ò ní pàdé. Ẹ fi ìta sílẹ̀ ní funfun, ibẹ̀ ni nọ́ńbà àti àmì ìṣẹ́jú máa wà. Ọwọ́ kúkurú, sẹ̀ńtímítà 6, kó má jáde nínú àwọ̀. Ọwọ́ gígùn, sẹ̀ńtímítà 10 àti ààbọ̀, kí ẹnu rẹ̀ dé ibi funfun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ò ní máa béèrè èwo ni ti wákàtí mọ́. Èyí tó ń gbé inú àwọ̀ ni ti wákàtí, èyí tó dé ìta ni ti ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń kọ 10:20 yẹn gan-an, bí wọ́n ṣe ń bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Àṣàkẹ́ Oníṣẹ́-Ọwọ́

Kí n fi tèmi kún un, nítorí ibi tí aago páálí ti máa ń bàjẹ́ ni àárín rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń so bébà pọ̀, ẹ má fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò fáìlì lù ú. Ihò rẹ̀ tóbi jù. Bí ẹ bá gbé aago náà dúró, gbogbo ọwọ́ á já wá sórí 6. Orí ìṣó tín-ín-rín tàbí abẹ́rẹ́ ńlá ni kí ẹ fi lu ihò, kí ẹsẹ̀ píìnì náà wọ ọ́ pẹ̀lú ipá díẹ̀. Ẹ wá gé páálí róbótó kékeré bíi bọ́tìnì, ẹ fi ọ̀kan sáàárín ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi ìkejì sẹ́yìn kí ẹ tó ya ẹsẹ̀ píìnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Páálí àárín yẹn ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ kan máa fa èkejì.

Bí ọmọ kékeré tó ń kó nǹkan sẹ́nu bá wà nínú ilé, ẹ má lo píìnì rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì lè gbé e mì. Ẹ fi òwú nípọn rán bọ́tìnì ńlá kan síwájú àti ọ̀kan sẹ́yìn, ẹ fà á kó le.

Èmi tún máa ń fi àwo bébà kejì sórí, màá gé etí rẹ̀ sí ewé 12, ọmọ á kọ 1 dé 12 sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ṣí i sókè á rí 5, 10, 15 lábẹ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Tíṣà Àgbà

Ewé ṣíṣí yẹn dára fún ọmọ tó ń kọ 3:10, Àṣàkẹ́. Fún ọmọ Ìyá Àbẹ̀kẹ́, n kò rò pé ó nílò rẹ̀. Ọwọ́ gígùn á sì máa há mọ́ ewé bó ṣe ń yí.

Ìyá Ràmọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Èmi ti fi pupa ṣe ọwọ́ kúkurú, mo fi àwọ̀ ewé ṣe gígùn, mo tún fi méjèèjì kun àwọn ilé. Ọmọ mi ọkùnrin ò rí ìyàtọ̀ kankan. Mo ti ń bínú sí i pé kò fọkàn sí i, kí ẹnìkan tó sọ fún mi pé ojú rẹ̀ ni kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Ṣé ó lè lo ọ̀nà yìí báyìí?

Tíṣà Àgbà

Ó lè lò ó dáadáa. Àwọn ọkùnrin ni irú ojú bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí lára jù, mo sì máa ń bá a pàdé nínú kíláàsì. Ẹ lo búlúù tó dúdú díẹ̀ pẹ̀lú yẹ́lò. Bí ìyẹn ò bá sí nítòsí, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ilé kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní funfun, kò nílò àwọ̀ rárá. Ọwọ́ méjèèjì, gígùn wọn àti bí wọ́n ṣe nípọn sí ni kó fi dá wọn mọ̀: kí kúkurú nípọn, kí gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí aago gidi ṣe sábà máa ń rí náà nìyẹn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ó dáa, páálí ni. Ó ṣì kù ohun tí aago gidi lè bá yín ṣe níbẹ̀. Ẹ mú aago ara ògiri kan, ẹ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa rí bọ́tìnì róbótó tí a fi ń tún aago tò. Ẹ ní kí ọmọ máa yí i díẹ̀díẹ̀ síwájú, kó má wo ọwọ́ gígùn rárá, kúkurú nìkan ni kó máa wò. Ọwọ́ gígùn máa yí aago po nígbà 12 kí kúkurú tó yí i po ní ẹ̀ẹ̀kan, eyín inú ẹ̀rọ ló so wọ́n pọ̀. Páálí kò ní eyín yẹn, ìdí nìyẹn tí tiyín ò fi sún.

Ẹnìkan lè ní ká gé eyín sára páálí. Mo ti rí i tí àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Páálí rọ̀ jù, eyín á máa fò, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan aago náà á máa parọ́ ju èyí tí kò ní eyín lọ.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣé, sà. A yí ti ògiri náà lálẹ́ àná. Nígbà tó rí i tí ọwọ́ kúkurú rọra ń kúrò lórí 3, ó ní, “Ṣé ó máa ń rìn ni?” Ó ya èmi gan-an lẹ́nu pé kò mọ̀. Ó rò pé ó máa ń fò láti 3 sí 4 lójijì ni.

A ti kun aago tuntun náà tán, búlúù àti yẹ́lò. Tíṣà, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀ báyìí? Mo tún ní ìwé iṣẹ́ tí mo tẹ̀ jáde, aago 12 ló wà lójú ewé kan. Ṣé mo lè máa lò ó lọ?

Tíṣà Àgbà

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọwọ́ gígùn kúrò. Òótọ́ ni mo ń sọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ kúkurú nìkan síbẹ̀, kí ẹ sún un sí oríṣiríṣi ibi, kí ọmọ máa sọ ohun tó rí. Bí ó bá wà lórí ìlà 3 gan-an, á ní aago mẹ́ta lù. Bí ó bá wọlé díẹ̀, á ní aago mẹ́ta ti kọjá díẹ̀. Láàrin ilé, aago mẹ́ta ààbọ̀. Lẹ́bàá ìlà 4, á ní a ṣì wà ní aago mẹ́ta, ṣùgbọ́n mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ọwọ́ kúkurú nìkan ti tó láti mọ aago dé ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra, ọmọ á sì rí i pé gígùn kàn ń bá a là á yéni yékéyéké ni. Ẹ má dá gígùn padà títí yóò fi máa dárúkọ ilé láìrò ó.

Bí ẹ bá dá a padà, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa sún méjèèjì pọ̀. Bí gígùn bá lọ sí 6, kúkurú gbọ́dọ̀ dé àárín ilé. Bí gígùn bá lọ sí 9, kúkurú gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì ilé, kó ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ ni kó dà bí eyín tí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ sọ. Páálí tí kì í sún fúnra rẹ̀ wúlò jù ní ibi yìí, nítorí ó ń fi ipá mú ọmọ ronú.

Ní ti ìwé iṣẹ́ yẹn, ẹ mú un kí ẹ wá aago ààbọ̀ kan nínú rẹ̀. Ká ní 3:30 ni wọ́n kọ. Níbo ni ọwọ́ kúkurú wà? Bí ó bá wà lórí 3 gan-an, ẹ yí ewé náà sódì kí ọmọ máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ yàwòrán. Irú rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ pé ọwọ́ kúkurú kì í rìn.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Mo wò ó. Lórí 3:30, ó wà láàrin 3 àti 4. Ó dáa nìyẹn?

Tíṣà Àgbà

Ó dáa dé ibì kan. Ó ku ìwọ̀n rẹ̀. Aago 12 lójú ewé kan, ọwọ́ kúkurú rẹ̀ ò ní ju sẹ̀ńtímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò 3:50. Àárín nọ́ńbà kan sí èkejì jẹ́ dígírì 30. Wákàtí kan ni ọwọ́ kúkurú fi ń rin 30 yẹn, ìdajì dígírì ni fún ìṣẹ́jú kan. Ní 3:50, ó ti rin 25, ó ku 5. Lẹ́nu ọwọ́ tó gùn ní sẹ̀ńtímítà kan àti ààbọ̀, dígírì 5 yẹn ò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Ìlà pẹ́ńsù ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó bẹ́ẹ̀! Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ fún yín pé 4 ló ń nà sí. Lórí ewé kékeré yẹn, ojú àgbà pàápàá ò lè dá a mọ̀.

Aago mẹ́rin péré ni kí ẹ yà sí ojú ewé kan, kí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 9, kí ọwọ́ kúkurú jẹ́ 3, kí gígùn lé díẹ̀ ní 4. Nígbà náà àlàfo yẹn á lé ní mìlímítà méjì ààbọ̀, ojú á rí i.

Ewé àkọ́kọ́, ọwọ́ kúkurú nìkan ni kó wà nínú àwọn aago náà, ilé wọn ti ní àwọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo: ilé ta ni ó wà? Ewé kejì, ọwọ́ méjèèjì, àwọ̀ ṣì wà. Ewé kẹta, kò sí àwọ̀. Kí ọmọ tó kọ ohunkóhun, kó fi pẹ́ńsù aláwọ̀ kun ilé tí ọwọ́ kúkurú wà nìkan, kó kọ nọ́ńbà ilé náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni kó tó wo gígùn. Wákàtí ni kó máa kọ́kọ́ kọ, ìṣẹ́jú lẹ́yìn. Ẹ pọ̀ wọ́n mọ́ra o. Bí gbogbo ewé bá jẹ́ 50 àti 55 nìkan, ọmọ ọlọ́gbọ́n á kẹ́kọ̀ọ́ pé kó máa yọ kan kúrò nínú ohun tó rí, á wá kọ 2:05 fún 3:05. Ẹ fi 3:05 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2:55 lójú ewé kan náà. Ọwọ́ kúkurú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbì kan náà, ọ̀kan ti wọ ilé 3 díẹ̀, èkejì ò tíì kúrò ní ilé 2. Èyí ni ìdánwò tó dájú jù tí mo mọ̀.

Ewé tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù: aago tó ń parọ́. Ẹ ya aago mẹ́rin, kí méjì nínú wọn jẹ́ èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ láyé. Bí àpẹẹrẹ, kí ọwọ́ gígùn wà lórí 10, kí kúkurú wà lórí ìlà 3 gan-an. Tàbí kí gígùn wà lórí 12, kí kúkurú wà láàrin 7 àti 8. Ẹ ní kí ọmọ mú òpùrọ́, kó sì sọ bó ṣe mọ̀. Ọmọ tó bá lè sọ pé “gígùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po tán, kúkurú ò sì tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà”, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Àṣàkẹ́ Oníṣẹ́-Ọwọ́

Bí ẹ bá ya ewé wọ̀nyí tán, ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́lẹ̀ bò ó, kí ọmọ máa fi máákà tó ṣeé nù kọ lé e. Ẹ ò ní máa ya òmíràn lójoojúmọ́.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Mo padà dé. Ewé ilé ta ni, kò ṣì ìkankan. Ewé kejì náà dára. Lórí ewé kẹta, 3:05 àti 2:55 dà á láàmú lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ nígbà tó kun ilé wọn tán, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ méjèèjì bó ṣe yẹ. 3:50 wá di 3:50.

Wàhálà tuntun ni ti ìyá mi. Wọ́n bi í pé aago mélòó ló lù, ó ní 3:50. Wọ́n ní, “Ó dáa, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Láti ìgbà yẹn, ó ti kọ 4:10 nígbà méjì.

Tíṣà Àgbà

4:10 yẹn kì í ṣe ti ojú mọ́, ti etí ni. Ó gbọ́ mẹ́rin, ó gbọ́ mẹ́wàá, ó kọ wọ́n tẹ̀léra. Ẹ fi “ku” sílẹ̀ ná, èmi kì í mú un wọ inú kíláàsì títí ọmọ á fi máa ka aago síwájú láìkọsẹ̀, mẹ́ta kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú.

Bàbá Ìbejì

Níbí yìí, mi ò ní gbà fún yín, Tíṣà. Ta ló ń sọ pé aago mẹ́ta kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú nínú ilé? “Ku” ni ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà, lẹ́nu bàbá, lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹ ò lè ní kí ìyá àgbà yé sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ ọ ní méjèèjì pọ̀. Bí ó bá gbọ́ “mẹ́rin ku mẹ́wàá”, kó fi ìka ka márùn-ún márùn-ún láti 12 padà sẹ́yìn lápá òsì: 5, 10, ó ti dé 10 nìyẹn. Ó ti mọ ilé, kò ní sọnù mọ́.

Tíṣà Àgbà

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ilé ní ọ̀sẹ̀ yìí? Ẹ ní kó máa ka síwájú, kó tún máa ka sẹ́yìn, ní ọjọ́ kan náà. Èmi ò ní ṣe é.

Ìyá Ràmọ́n

Tèmi ti ń kà á sẹ́yìn, kò dà á rú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni tèmi.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Màá bẹ ìyá mi kí wọ́n fi sùúrù díẹ̀ sí i, bóyá wọ́n á gbọ́. Ọ̀kan ló kù, Tíṣà. Ó wo 12:50, ó ní ilé 1. Mo ní kó wò ó dáadáa, ó ní kò sí ilé 12, 12 ni òpin.

Tíṣà Àgbà

Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. 12 ló wà lókè, wọ́n á rò pé ibẹ̀ ni aago ti parí, ilé 11 á wá di ilé tó kẹ́yìn. Ẹ gbé aago páálí náà, ẹ fi ọwọ́ kúkurú sórí ìlà 12, kó rọra máa sún un lọ síwájú, kó máa ka ilé bó ti ń wọ̀ wọ́n láti ibẹ̀: ilé 12, ilé 1, ilé 2. Ẹ kọ 12 gàdàgbà sí inú àwọ̀ tó wà lápá ọ̀tún ìlà 12, kó má jẹ́ pé etí aago nìkan ló wà. Lórí 12:50, ọwọ́ kúkurú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà 1, inú ilé tí ẹ kọ 12 sí náà ni yóò ṣì wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní 11:55. Ó ṣeé ṣe kó kọ 12:55, nítorí ọwọ́ kúkurú máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà 12, á sì dà bí ẹni pé ó ti wọ ilé 12. Ẹ jẹ́ kó gbé gígùn kúrò fún ìgbà díẹ̀, kó dárúkọ ilé, kó tó dá a padà.